Kókó Tó Ń Dunni Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ojú Ara: Bí A Ṣe Ń Fi Omi Lílọ́ Wọ́ọ́rọ́ Tọ́jú Rẹ̀ Nílé, àti Ìgbà Tó Yẹ Kí Dókítà Là Á

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin obìnrin ilẹ̀ Òkun. Nọ́ọ̀sì ni mí, ọ̀rọ̀ tí a máa ń sọ ní kọ̀rọ̀ ni mo fẹ́ sọ sí gbangba lónìí.

Obìnrin kan wá bá mi ní Ìsánlú ní àárọ̀ Sátidé kan. Ẹni ọdún 28 ni, gàrí ló ń yan tà. Kò lè jókòó dáadáa, apá ọ̀tún ìdí rẹ̀ nìkan ló fi kan àga, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. Ìgbà tí mo ti ilẹ̀kùn tán ló tó lanu. Ó ní, “Àǹtí Nọ́ọ̀sì, nǹkan kan wú sí mi lábẹ́, lápá òsì. Mo pè é ní oówo, àmọ́ kò ṣe bí oówo.” Ó ti tó oṣù mélòó kan tí kókó kékeré kan ti wà níbẹ̀, kò dùn ún, kò sì kà á sí nǹkan kan. Ọjọ́bọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Ní Jímọ̀ ó ra kápúsù ní kẹ́míìsì, ìyá ọkọ rẹ̀ sì ní kí ó po káún mọ́ omi gbígbóná kí ó jókòó sí i. Nígbà tí ó fi máa dé ọ̀dọ̀ mi, awọ ibẹ̀ ti bó díẹ̀, kókó náà sì ti tó ẹyin awó.

Ohun tó ṣe é yìí wọ́pọ̀. Nínú 100 obìnrin, bíi 2 ni yóò bá a pàdé láyé wọn, àwọn tó sì ń ṣe jù ni àwọn tí wọ́n ṣì ń rí nǹkan oṣù. N óò tẹ̀lé ọ̀rọ̀ obìnrin yìí láti Sátidé títí tí ara rẹ̀ fi yá, nítorí gbogbo ohun tí ẹni tó bá ní i gbọ́dọ̀ ṣe ló wà nínú rẹ̀.

Ibi tí kókó náà ti wá

Nísàlẹ̀ ẹnu ojú ara, ní ọ̀tún àti ní òsì, kóró kékeré méjì wà lábẹ́ awọ, ìkọ̀ọ̀kan wọn kò ju ẹ̀wà lọ. Bí a bá fi ojú ara wé ojú aago, tí 12 wà níwájú ní ìhà ibi tí a ti ń tọ̀, tí 6 sì wà ní ìhà ihò ìdí, ibi aago 4 àti aago 8 ni kí a wá wọn sí. Bátólíìnì ni àwọn dókítà ń pè wọ́n, ní orúkọ ọmọ ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì kan tó kọ̀wé nípa wọn ní ọdún 1677. Wọ́n ń sun omi díẹ̀ tó ń mú ẹnu ojú ara rọ̀. Ọ̀nà tóóró kan ni omi náà ń gbà jáde, gígùn ọ̀nà náà kò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 2 àtààbọ̀ lọ.

Bí ẹnu ọ̀nà yìí bá dí, omi á máa jọ sẹ́yìn, bí ìgbà tí ewé dí ojú gọ́tà. Ohun tó kọ́kọ́ ń hù ni àpò omi: ó yí roboto, ó rọ̀, kì í sábà dunni. Ọ̀pọ̀ obìnrin ní i, wọn kò sì mọ̀. Bí kòkòrò bá wọ inú omi tó jọ síbẹ̀, ó di àpò ọyún. Èyí kì í fara pamọ́. Láàárín ọjọ́ 2 sí 4 ó lè wú, kó gbóná, kó pọ́n, kó sì máa mì tìtì bí ìgbà tí ọkàn ń lù nínú rẹ̀, débi pé rírìn àti jíjókòó á di ìṣòro.

Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí fún obìnrin náà, ìbéèrè tó kọ́kọ́ bi mí ni bóyá ọkọ rẹ̀ ló kó àrùn wálé. Mo mọ ìdí tó fi béèrè, nítorí ìbéèrè yìí ti da ilé rú lójú mi rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: kòkòrò tó pọ̀ jù nínú ọyún yìí ni irú èyí tó ń gbé nínú ìfun gbogbo wa, tó kàn rìn láti ìdí wá síwájú. Àtọ̀sí àti àwọn àrùn ìbálòpọ̀ mìíràn lè fà á nígbà mìíràn, ìdí nìyẹn tí dókítà fi lè ní kí a ṣe àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n kókó fúnra rẹ̀ kò tó ẹ̀rí láti fi fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni.

Kọ́kọ́ mọ ohun tó wú

Fọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ. Gbé dígí kékeré sílẹ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí o lóṣòó lórí rẹ̀. Bí kókó náà bá wà ní ibi aago 4 tàbí 8, tó ń ti ètè ojú ara síta, tó sì jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, a jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Bátólíìnì. Oówo gidi orí awọ tí irun ń hù ni ó sábà máa ń wà, wàá sì rí ojú rẹ̀ ní ìdí irun. Èyí tó bá wà lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò ìtọ̀, nǹkan mìíràn ni. Èyí tó bá ń wọlé nígbà tí o bá dùbúlẹ̀, tó ń jáde nígbà tí o bá dìde tàbí tí o bá wúkọ́, ó lè jẹ́ ìfun tàbí ilé ọmọ tó ń sọ̀ kalẹ̀. Má fi ohunkóhun tẹ̀ ẹ́, jẹ́ kí dókítà wò ó.

Lẹ́yìn náà, fi orí ìka kàn án jẹ́jẹ́. Èyí tó ṣì le bí gúáfà tí kò tíì pọ́n, ọyún rẹ̀ kò tíì jọ tán. Èyí tó rọ̀ bí àgbálùmọ̀ tó pọ́n, tó jẹ́ pé bí o bá fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀gbẹ́ kejì á gbé sókè, ọyún ti kún inú rẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí ló ń sọ bóyá omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ṣì lè ṣe é, tàbí ó ti di iṣẹ́ dókítà. Ti obìnrin wa ní Sátidé yẹn le bí gúáfà. Tẹmómítà mi kà 37.2. Nítorí náà mo ní ká gbìyànjú omi títí di Mọ́ńdè.

Bí a ṣe ń jókòó sínú omi

Kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí omi ń ṣe. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ kò pa kòkòrò. Ó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn dé ibẹ̀, ó ń dín ìrora kù, ó sì ń mú awọ rọ̀ kí ẹnu ọ̀nà tó dí lè là fúnra rẹ̀. Nítorí pé kì í ṣe gbígbóná omi ló ń ṣiṣẹ́ bí kò ṣe pípẹ́ nínú rẹ̀, omi tó gbóná fùù kò ṣe ju ti wọ́ọ́rọ́ lọ. Yóò kàn bó ọ lára ni.

Wá báàfù fífẹ̀ kan tí ìdí rẹ lè wọ̀, tí a kò fi fọ aṣọ ọmọ tàbí fi rẹ ẹ̀gẹ́. Fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ṣàn án dáadáa. Omi tútù ni kí o kọ́kọ́ dà sí i, kí o tó fi èyí tó hó kún un. Mo ti rí ẹni tó da èyí tó hó sí i ṣáájú, tó gbàgbé, tó sì jókòó. Ní àkókò tí ooru wà, abọ́ 5 omi tútù sí abọ́ 1 omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó á mú un dé ibi tí a ń fẹ́, bíi 38 sí 40 lórí tẹmómítà. Ní ìgbà ọyẹ́, tí omi inú ìkòkò tutù nini ní òwúrọ̀, abọ́ 4 sí 1 ló máa tó. Ti inú ìgbọ̀nwọ́ rẹ bọ̀ ọ́: bí ara rẹ kò bá sọ pé “ó gbóná,” tó kàn dùn mọ́ ọ, ó ti tó. Omi gbígbóná tí àwọn ìyá wa ń fi wẹ abiyamọ kọ́ nìyí o.

Kí omi náà kàn bo ojú ara àti ìdí. Jókòó sí i, la orúnkún, máa gbé ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Bí omi bá ń tutù, dìde kúrò nínú báàfù kí o tó fi omi gbígbóná kún un. Ṣe èyí ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́: kí o tó jáde lọ́wọ́ àárọ̀, ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́, àti kí o tó sùn. Ẹni tó ń lọ sọ́jà lè pọn omi tó hó sínú fúláàsìkì dání.

Má fi ohunkóhun sínú omi náà. Káún ń bó awọ, bí obìnrin wa ti rí i. Dẹ́tọ́ọ̀lù àti ísáàlì ń jó o. Álọ́ọ̀mù ń mú awọ le, bẹ́ẹ̀ rírọ̀ ni a fẹ́ kó rọ̀. Iyọ̀ kò léwu púpọ̀, ṣùgbọ́n kò fi nǹkan kan kún iṣẹ́ omi. Ewé tí a gún, àgúnmu, tàbí ohunkóhun tí a ki bọ inú ojú ara, ẹ má dá a láṣà.

Lẹ́yìn náà, fi aṣọ mímọ́ tó rọ̀ tẹ ibẹ̀ gbẹ, má fi nù ún. Wọ pátá òwú tó fẹ̀, tàbí kí o ró ìró nìkan bí o bá wà nílé. Bí báàfù kò bá sí, tàbí tí jíjókòó kò bá rọrùn mọ́, ki aṣọ funfun bọ omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, fún un, gbé e lé ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, kí o máa pààrọ̀ rẹ̀ bó bá ti ń tutù. Fọ aṣọ náà lójoojúmọ́, kí o sì sá a sí oòrùn.

Fún ìrora, parasitamọ́ọ̀lù mílígíráàmù 500 ni mo sábà máa ń sọ: méjì lẹ́ẹ̀kan, ó kéré tán wákàtí 6 láàárín, kó má ju 8 lọ ní wákàtí 24. Ṣe àyẹ̀wò àwọn oògùn òtútù tí o ń lò pẹ̀lú, nítorí parasitamọ́ọ̀lù wà nínú púpọ̀ wọn. Ìbúpúrófẹ́ẹ̀nì dára fún wíwú, ṣùgbọ́n aboyún, ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, àti ẹni tí kídìnrín rẹ̀ kò le kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án láìbéèrè.

Má tẹ̀ ẹ́ kí ó bẹ́. Ohun tí mo ń bẹ̀rù jù lọ nìyí, nítorí ó dà bíi pé ó rọrùn. Bí o bá tẹ àpò ọyún, ó lè bẹ́ sínú, kí ọyún tàn ká abẹ́ awọ. Má fi abẹ́rẹ́ tàbí bíléèdì là á. Má fá irun ibẹ̀ ní àkókò yìí, nítorí ojú ọgbẹ́ tíntìntín ni réésà máa ń fi sílẹ̀.

Kápúsù ńkọ́?

Obìnrin náà ti gbé kápúsù mì láti Jímọ̀, ó sì ń ṣe kàyéfì pé wíwú náà kò dúró. Oògùn apakòkòrò ṣòro láti wọ inú àpò tó ti kún fún ọyún. Níbi tí ọyún bá ti jọ, ìwòsàn rẹ̀ ni kí ó rí ọ̀nà jáde. Dókítà máa ń fún ni ní apakòkòrò nígbà tí ara bá ń gbóná, tí pípọ́n bá ń tàn kiri, fún aboyún, fún ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tàbí tí ara rẹ̀ kò lágbára láti bá àrùn jà, tàbí tí àyẹ̀wò bá fi àrùn ìbálòpọ̀ hàn. Bí wọ́n bá fún ọ, lò ó tán. Ṣùgbọ́n kápúsù mẹ́rin tí a rà lọ́wọ́ kẹ́míìsì láti fi dá ọyún dúró, owó tó sọnù ni.

Bí ó bá bẹ́ fúnra rẹ̀

Ó máa ń ṣẹlẹ̀ nínú omi tàbí lóru. Ọyún á tú jáde, ìrora á sì rọlẹ̀ lójijì bí ẹni pa iná. Má bẹ̀rù bó bá ní ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tàbí tó ń rùn. Ṣan ibẹ̀ pẹ̀lú omi mímọ́, fi páàdì sí i, má sì dá jíjókòó sínú omi dúró: máa ṣe é fún ọjọ́ 3 tàbí 4 sí i kí ojú ihò má tètè pa dé. Lọ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà wò ó láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn.

Ọjọ́ tó yẹ kí o dá omi dúró kí o sì lọ

Mo fún obìnrin náà ní wákàtí 48. Mo ní kí ó máa wọn kókó náà láràárọ̀ pẹ̀lú ohun tó mọ̀: ẹ̀wà, obì, ẹyin awó, ẹyin adìẹ. Bí ó bá ń kéré, kí ó tẹ̀ síwájú. Bí ó bá dúró sójú kan tàbí tó ń tóbi, bí kò bá lè sùn, tàbí tí ó bá ti rọ̀ bí àgbálùmọ̀, kí ó lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Àwọn kan kò gbọdọ̀ dúró de wákàtí 48 rárá. Aboyún ni ọ̀kan, ẹni tó ní àtọ̀gbẹ ni èkejì, àti ẹni tí ara rẹ̀ ti gbóná ju 38 lọ tàbí tí òtútù ń mú un gbọ̀n.

Èyí tó tún le ju ìyẹn lọ, tí kò gbọdọ̀ sùn mọ́jú nílé, ni pípọ́n tó ń tàn láti ètè ojú ara lọ sí itan, sí ìdí tàbí sí òkè ibi tí irun wà. Awọ tó ń dúdú tàbí tó ń hu rọ̀rọ̀. Ìrora tó le ju bí wíwú ṣe tóbi lọ. Tàbí bí ọ̀rọ̀ ẹnu aláìsàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú. Kòkòrò tó ń jẹ ẹran ara lábẹ́ awọ lè ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní wàrà-ǹ-ṣeṣà, ìbáà jẹ́ Lọ́kọ́jà, ìbáà jẹ́ ilé ìwòsàn tí àwọn míṣọ́nnárì dá sílẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ̀, èyíkéyìí tó bá súnmọ́ yín jù. Mọ́tò ni kí ẹ wá, kì í ṣe ọ̀kadà.

Ẹnì kan tún wà tí kò ní ìrora, síbẹ̀ tó gbọ́dọ̀ lọ: obìnrin tó ti lé ní ọdún 40 tí kókó tuntun hù sí níbẹ̀, pàápàá tí kò rí nǹkan oṣù mọ́. Kóró yìí máa ń rọ lẹ́yìn tí oṣù bá dá, nítorí náà kókó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù lásìkò yẹn yẹ ní fífura sí. Jẹjẹrẹ ibẹ̀ ṣọ̀wọ́n gan-an, ṣùgbọ́n gígé díẹ̀ lára rẹ̀ fún àyẹ̀wò ló ń mú iyèméjì kúrò. Ẹni ọdún 25 tó ní àpò omi kékeré tí kò dùn ún kò nílò ìtọ́jú kankan.

Ohun tí dókítà ń ṣe, àti ìbéèrè tó yẹ kí o bi í

Ní Mọ́ńdè, kókó náà ti ju ẹyin awó lọ, ó rọ̀ pọ̀pọ̀, obìnrin náà kò sì tíì sùn fún òru méjì. A wá ọkọ̀ fún un lọ sí Kàbà, ìyá ọkọ rẹ̀ sì bá a lọ. Ìgbà yìí ló tó sọ fún mi pé irú rẹ̀ ti ṣe é rí ní bíi ọdún kan àti oṣù méjì sẹ́yìn, níbi kan tí wọ́n ti là á, tí wọ́n fún ọyún rẹ̀ jáde, tí wọ́n sì ní kí ó máa lọ ilé. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí ojú rẹ̀ fi pa dé.

Kókó ọ̀rọ̀ lílà wà níbí. Lílà lásán ń mú ìrora lọ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n awọ ibẹ̀ máa ń tètè jinná, ẹnu ihò á dí, omi á sì tún jọ. Ìdí tó fi ń padà wá nìyẹn. Ohun tó yẹ kí a ṣe ni kí ihò náà ṣí sílẹ̀ pẹ́ tó láti di ọ̀nà tuntun fún kóró náà. Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀.

Èkíní ni rọ́bà tín-ínrín kan tí bàlúùnù kékeré wà lórí rẹ̀. Dókítà á gún abẹ́rẹ́ tó ń pa ibẹ̀ kú, á la ihò kékeré tí kò ju mílímítà 5 lọ ní ìhà inú, á jẹ́ kí ọyún jáde, á ti rọ́bà náà wọlé, á sì fi bíi mílílítà 3 omi mímọ́ fẹ́ bàlúùnù rẹ̀ kí ó má bọ́. Ó ń wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. O lè rìn, o lè ṣiṣẹ́. Bí ó bá bọ́ ní kíákíá, padà lọ. Èkejì, èyí tí wọ́n sábà ń lò fún èyí tó ti padà wá, ni kí dókítà la àpò náà, kí ó ṣí ètí rẹ̀ síta, kí ó sì rán an mọ́ awọ yíká, bí ẹni rán ẹnu àpò aṣọ kí ó lè dúró ní ṣíṣí. Okùn tó ń yọ́ fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń lò.

Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ni rọ́bà náà máa wà. Nítorí náà, kí wọ́n tó là ọ́, bi dókítà pé: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni yóò mú kí ẹnu ihò náà má tètè dí?” Bí ó bá dá ọ lóhùn pé òun máa fi rọ́bà sí i tàbí òun máa rán an, o ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Sọ fún un pẹ̀lú bí ó bá ti ṣe ọ́ rí, ní ẹ̀gbẹ́ wo, àti bí oògùn kankan bá máa ń bá ọ jà.

Ti obìnrin wa, wọ́n rán an ni. Wọ́n yẹ ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó dára. Wọ́n yẹ àwọn àrùn ìbálòpọ̀ wò, kò sí. Ọkọ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà títí tí wọ́n fi mú èsì náà jáde, mo sì rí i pé ara tù ú ju ìyàwó rẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn tí a là á

Láti ọjọ́ kejì ló ti padà sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Omi aláwọ̀ ìyeyè pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ń jáde fún bíi ọ̀sẹ̀ kan, páàdì ló ń lò. Wọ́n ní kí ó má ki ohunkóhun bọ ojú ara, kí òun àti ọkọ rẹ̀ sì ṣe sùúrù títí dókítà yóò fi tún wò ó. Bí ara bá tún gbóná, tí wíwú bá tún bẹ̀rẹ̀, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá ń rin páàdì kan láàárín wákàtí kan, ilé ìwòsàn ni ó gbọ́dọ̀ padà sí. Ìkankan nínú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin ó padà sídìí agbada gàrí rẹ̀. Lórí àpótí ni ó jókòó sí nígbà tí mo kọjá, ìdí rẹ̀ méjèèjì ló sì fi jókòó.